Ètò ẹ̀kọ́ tó ń ti ìparí bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè tíṣà àti ìdáhùn

Ọ̀gá wa níléèwé ní láti táàmù tó ń bọ̀ ká máa kọ ètò ẹ̀kọ́ látẹ̀yìn wá. Ṣé ọ̀sẹ̀ kẹwàá la fẹ́ kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ni?

Rárá o. Nínú kíláàsì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ètò sílẹ̀ nìkan lẹ máa ti ìparí bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ìpele mẹ́ta ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó kù lọ́kàn ọmọ nígbà tó bá ti gbàgbé nóòtù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ohun tí ọmọ náà máa ṣe tàbí tó máa sọ tẹ́ ẹ fi máa gbà pé ó ti yé e. Ìgbà yẹn lẹ tó máa wá yan iṣẹ́ kíláàsì, àwòrán, orin, gbogbo ẹ̀. Grant Wiggins àti Jay McTighe, àwọn ará Amẹ́ríkà, ló tò ó báyìí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1998, àmọ́ Ralph Tyler, ará Amẹ́ríkà míì, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní 1949.

Àwa náà ń kọ èròǹgbà sókè lẹ́sìn nóòtù. Kí ló wá yàtọ̀?

Ìpele kejì yẹn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ èròǹgbà tán, a bọ́ sórí iṣẹ́ kíláàsì, ó wá di ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ká tó máa fa ìbéèrè yọ nínú ìwé, ìbéèrè yẹn sì lè má kan èròǹgbà tá a kọ rárá.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan tá a lè rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ibà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, práímárì 5. Bá a ṣe máa ń ṣe é ni pé àwọn ọmọ á ya ẹ̀fọn, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á da nóòtù kọ, wọ́n á kọrin. Nínú ìdánwò ọmọ á kọ ọ́ pé abo ẹ̀fọn Anófẹ́lísì ló ń gbé ibà kiri, á gba máàkì, àmọ́ tó bá délé tí àǹtí rẹ̀ ní oòrùn àti epo ló fa ibà, á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, torí pé ohun tó kọ sínú ìdánwò ò kan ohun tó gbà gbọ́.

Tá a bá ti ìparí bẹ̀rẹ̀, ohun tá a fẹ́ ni kó yé ọmọ pé láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ibà ni ẹ̀fọn ti ń gbé kòkòrò rẹ̀ lọ sára ẹlòmíì, pé inú omi tó dúró sójú kan sì ni ẹ̀fọn ti ń dàgbà. Ẹ̀rí wo la máa gbà? Ẹ fún un ní àwòrán àdúgbò kan tí kò rí rí: kòtò tí táyà mọ́tò gbẹ́ tí omi òjò dúró sí, odò tó ń ṣàn, dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n dé pinpin. Kó sọ ibi tí ẹ̀fọn lè yé sí, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi kòtò yẹn sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà kó dá àǹtí yẹn lóhùn.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ kíláàsì ṣe yí padà. Ẹ máa bu omi tí tanwíjí wà nínú ẹ̀ sínú ìgò, ẹ máa fi nẹ́ẹ̀tì so ẹnu rẹ̀ dáadáa, káwọn ọmọ máa wò ó lójoojúmọ́ títí tó fi máa di ẹ̀fọn, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n lè dáhùn ìbéèrè kòtò yẹn. Orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀fọn ò ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ dín in kù.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rí tá a yàn dáa?

Ẹ bi ara yín ní nǹkan méjì. Ṣé ọmọ tí ẹ̀kọ́ náà ò yé lè yege, bóyá torí ó há a sórí tàbí torí ó mọ àwòrán yà? Ṣé ọmọ tí ẹ̀kọ́ náà yé lè fìdí rẹmi, bóyá torí gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Tí ìkan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yí i padà. Ọmọ kejì yẹn, ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé. Ti àkọ́kọ́, ẹ má lo àwòrán tẹ́ ẹ lò nínú kíláàsì fún ìdánwò, torí tẹ́ ẹ bá lò ó, ó ti di àkọ́sórí nìyẹn, ibí yìí sì ni mo ti rí i pé ọ̀nà yìí máa ń bàjẹ́ jù.

Ṣé a ò ní kù sẹ́yìn nínú sìlábọ́ọ̀sì báyìí?

Ẹ lè kù sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe gbogbo tópíìkì bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń gba àkókò gan-an láti kọ ọ́. Tópíìkì kan ní táàmù kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ mú èyí táwọn ọmọ máa ń gbà máàkì nínú ẹ̀ láìyé wọn. Ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí ò nílò rẹ̀.

Ṣé a máa tún gbogbo nóòtù kọ?

Rárá. Ẹ mú ìwé ìbéèrè táàmù tó kọjá, kẹ́ ẹ kọ èròǹgbà tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èròǹgbà tí kò bá rí ìbéèrè kankan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí fún.