Ìdí Tí Etí Fi Ń Ro Ẹni Tí Ọ̀fìnkìn Ń Ṣe Bí Bàálù Bá Ń Balẹ̀

Ẹni tó bá mu omi inú ìgò oníke tán nínú bàálù, tó sì dé e pa lókè, yóò rí i pé ìgò náà ti rún wọnú nígbà tí bàálù bá fi máa balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló le ju ti òkè lọ, òun ló ń ti ara ìgò náà wọlé. Ohun tó ń ṣe etí náà nìyẹn.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn awọ ìlù etí, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ ń gbà débẹ̀ ni ihò tóóró kan tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5, tó lọ jáde sí ẹ̀yìn imú. Pípadé ni ihò yìí sábà máa ń wà. Bí èèyàn bá gbé itọ́ mì tàbí tó bá yán, á là fírí, á tún padé. Bí ọ̀fìnkìn bá dé, ẹran ẹnu ihò yẹn á wú, ikun á sì bò ó.

Bí bàálù bá ń gòkè, wàhálà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú etí ń fẹ̀, ó sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ̀rọ̀ ń yí padà. Afẹ́fẹ́ ìta gbọ́dọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹnu ihò náà rọ̀. Ẹni tó bá ti fa omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tán, tó tún ń fà á, mọ bí ọ̀rá náà ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí ihò etí náà ṣe ń lẹ̀ pọ̀ nìyẹn, tí iṣan tó ń là á kò fi ní lágbára mọ́.

Ká mú ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó nínú oṣù Kejìlá, tí imú rẹ̀ dí. Lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bí ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìbalẹ̀ ni ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ọkùnrin yìí ń sùn, ẹni tó bá sì ń sùn kì í gbé itọ́ mì dáadáa. Kí ọkọ̀ tó sọ̀ dé ìdajì, ihò etí rẹ̀ lè ti há. Ìrora á wá jí i, á di imú mú, á fẹ́ ẹ kíkankíkan. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn, agbára tó ń lò sì lè ṣe inú etí lọ́ṣẹ́.

Ká ní ó ti jí ní wákàtí kan ṣáájú ìbalẹ̀, ì bá fọn ikun rẹ̀ jẹ́jẹ́, ihò imú kan lẹ́yìn èkejì, kó sì fín oògùn tó ń mú ẹran imú sún kì, irú bíi sàílómẹ́tásólínì. Bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀, kó dí imú, kó pa ẹnu dé, kó gbé itọ́ mì. Bí ìyẹn kò bá tó, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú imú tó fọwọ́ dí náà, kó máa tún un ṣe ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, láì dúró de ìrora. Jíjẹ gọ́ọ̀mù tàbí lílá súwíìtì náà ń ranni lọ́wọ́. Ọmọ ọwọ́ ní tiẹ̀, kí ìyá rẹ̀ jí i, kó fún un lọ́mú.

Róòbù tí ọ̀pọ̀ ń fi sí imú kò ṣe é. Ó máa ń tutù nímú bíi pé ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n wíwú yẹn kò lọ síbì kankan. Oògùn tí à ń fín náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó bi apòògùn kó tó lo èyíkéyìí, pàápàá oníhóró.

Lójú títì, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Òbúdú ní Cross River á mọ̀ ọ́n lára. Òkè yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, ọ̀nà rẹ̀ sì kún fún kọ̀ọ̀nà tó yí po. Àǹfààní ọkọ̀ ilẹ̀ ni pé dẹ́rẹ́bà lè dúró. Bí etí bá ń ro ẹnì kan gan-an, kí wọ́n padà gòkè díẹ̀ títí ìrora á fi rọlẹ̀, kó gbé itọ́ mì, kí wọ́n wá máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Páílọ́ọ̀tì kò lè ṣe ìyẹn fún ẹnì kan.

Etí lè dí fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, ìyẹn kì í ṣe ohun ìpayà. Ṣùgbọ́n bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, bí òòyì bá ń kọ́ni, tàbí tí etí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, dókítà ló kàn. Kí wọ́n má ṣe kán àdí tàbí òróró kankan sí i kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí awọ ìlù etí lè ti ya.