Bí Wọ́n Ṣe Pín Iṣẹ́ SGSN: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àwọn Ẹ̀rọ Tó Wà Lẹ́yìn 4G

Òpó gíga tí a ń rí lẹ́bàá títì kọ́ ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ òpó ni láti bá fóònù sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òun kọ́ ló mọ ẹni tó ni síìmù, òun kọ́ ló ń fún fóònù ní àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, òun kọ́ ló sì mọ irú dátà tí èèyàn rà. Àwọn ẹ̀rọ kan tó wà nínú ilé, níbi tí oníbàárà kì í dé, ló ń ṣe ìyẹn. Lórí 4G, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ LTE, mẹ́rin ló ṣe kókó nínú wọn: MME, HSS, SGW àti PGW. Bí wọ́n bá kàn to orúkọ wọ̀nyí síwájú èèyàn, wọn kì í yé e bọ̀rọ̀. Ohun tó ń mú wọn yéni ni kí a mọ ìṣòro tó bí wọn.

Nígbà tí GSM bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Fínlándì lọ́dún 1991, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ MSC ló ń so ẹni tó pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n pè. Tó bá ti so wọ́n pọ̀, ọ̀nà yẹn di tiwọn títí wọ́n á fi gé ìpè, ì báà jẹ́ pé wọ́n dákẹ́ síra wọn. Ẹ̀rọ kejì ń jẹ́ HLR, òun sì ni ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà: gbogbo síìmù tí wọ́n tà ló wà nínú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù nípasẹ̀ GPRS. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò nílò kí wọ́n pa ọ̀nà kan mọ́ fún ẹnì kan. Ṣe ni wọ́n ń gé dátà sí pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké, tí pákẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi èèyàn sì ń gba ọ̀nà kan náà kọjá. MSC kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, nítorí náà wọ́n fi ẹ̀rọ méjì mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. GGSN ni ẹnubodè tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. SGSN ló wà láàárín GGSN àti àwọn òpó, àtọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìtàn 4G ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì lé SGSN lórí. Ó ní láti mọ fóònù kọ̀ọ̀kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, kó sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo pákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ní láti gba inú rẹ̀ kọjá. Bíi kí wọ́n ní kí akọ̀wé gáréèjì tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù gbogbo èrò sínú ọkọ̀.

Nígbà tí dátà kò tíì pọ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tí 3G yára sí i, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi módẹ́ẹ̀mù USB wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, àléébù rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ méjèèjì kì í dàgbà bákan náà. Iṣẹ́ ìdánimọ̀ àti ìtọpasẹ̀ ń pọ̀ sí i bí fóònù bá ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n bá ṣe ń rìn tó. Iṣẹ́ gbígbé dátà ń pọ̀ sí i bí èèyàn kan náà bá ṣe ń wo nǹkan tó. Ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ kò lé kan lè rí i pé dátà òun ti di ìlọ́po mélòó kan, kó wá di dandan fún un láti ra odindi SGSN mìíràn, tòun ti apá ìdánimọ̀ tí kò nílò rárá.

3GPP, ẹgbẹ́ tó ń kọ òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé, kọ́kọ́ fi oògùn kékeré kan sí i nínú àtẹ̀jáde keje òfin wọn. Wọ́n gbà kí dátà yẹ SGSN sílẹ̀, kó gba ọ̀nà tààrà láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń darí òpó 3G lọ sí GGSN. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lóyún 4G, nítorí ìgbà yẹn ló hàn sí gbogbo ayé pé ẹni tó ń pàṣẹ kò ní láti jẹ́ ẹni tó ń gbẹ́rù.

Kó tó dìgbà yẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, wọ́n ti pàdé ní Toronto ní Kánádà láti jíròrò ohun tó máa tẹ̀ lé 3G. Àtẹ̀jáde kẹjọ ni gbogbo rẹ̀ já sí, wọ́n sì parí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2008. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti la SGSN sí méjì pátápátá. Apá tó ń dá fóònù mọ̀ tó sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ di MME. Apá tó ń gbé dátà di SGW. GGSN di PGW, HLR sì gbòòrò di HSS.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn kan bá tan fóònù rẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Fóònù á ránṣẹ́ sí òpó tó sún mọ́ ọn pé òun fẹ́ wọlé, òpó á sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún MME. Nọ́ńbà tó wà nínú síìmù, tó máa ń ní dígíìtì 15, ló ń sọ ẹni tó dé. 621 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. MME kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì bi HSS léèrè.

Ohun tí HSS máa ṣe dára púpọ̀. Àṣírí kan wà tí síìmù àti HSS nìkan jọ mọ̀, àṣírí yẹn kì í sì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láé. HSS á mú nọ́ńbà kan ṣáá, á fi àṣírí náà ṣírò ìdáhùn tó yẹ kí síìmù fún un, á sì fi nọ́ńbà àti ìdáhùn ránṣẹ́ sí MME. MME á gbé nọ́ńbà nìkan fún fóònù, á sì dúró. Bí ìdáhùn tó padà wá bá bá ti HSS mu, ẹni yẹn kì í ṣe gbájúẹ̀. Láyé GSM, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló ń bi fóònù léèrè, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn ọ̀daràn lè gbé òpó ayédèrú kalẹ̀. Láti ìgbà 3G ni síìmù náà ti ń yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, 4G sì jogún rẹ̀.

Tí ìyẹn bá ti parí, HSS á fi àkọsílẹ̀ oníbàárà náà ránṣẹ́ sí MME, títí kan orúkọ APN tó lẹ́tọ̀ọ́ sí, èyí tí ẹ máa ń rí níbi ètò dátà lórí fóònù. APN yìí ni MME fi ń mọ PGW tó yẹ kó lọ bá. Á yan SGW kan, á ní kí SGW bá PGW sọ̀rọ̀, PGW á sì fún fóònù ní àdírẹ́sì IP. PGW tún máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ PCRF irú ìlànà tí yóò fi bá oníbàárà yìí lò. Tí ẹ bá ti lo dátà dé ìwọ̀n kan, tí ìkànnì wá ń falẹ̀ bí ìgbín, PCRF ló pàṣẹ, PGW ló sì mú un ṣẹ.

Láti ìgbà yẹn, pákẹ́ẹ̀tì ń lọ láti fóònù sí òpó, sí SGW, sí PGW, sí íńtánẹ́ẹ̀tì. MME kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbí sí 3G. Lórí 3G, fóònù lè wọlé láìgba àdírẹ́sì IP kankan. Nínú òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ fún LTE, kò ṣeé ṣe: bí kò bá sí àdírẹ́sì, kò sí ìwọlé. Nítorí náà, tí APN tí ẹnì kan tẹ̀ sórí fóònù kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ HSS, MME lè lé e padà, ẹnjiníà á sì rí nọ́ńbà 27 nínú ìwé ìtọpasẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò mọ APN yẹn. Òpó wà nítòsí, síìmù pé, síbẹ̀ 4G kò wọlé.

Kí ló wá dé tí SGW àti PGW fi jẹ́ méjì, nígbà tó jẹ́ pé dátà ni àwọn méjèèjì ń gbé? Ìrìn àjò ló fà á. Bí fóònù bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, SGW lè yí padà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n PGW kì í yí padà, àdírẹ́sì IP kò sì ní yí padà. Ìdí nìyẹn tí ìpè WhatsApp kì í fi já nítorí pé ọkọ̀ kọjá láti abẹ́ òpó kan sí òmíràn. Ẹni tó gbé síìmù Nàìjíríà dé Lọ́ńdọ̀nù á tún rí i kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. MME àti SGW ibẹ̀ ló máa gbà á lálejò, ṣùgbọ́n HSS rẹ̀ wà nílé, PGW rẹ̀ náà sì sábà máa ń wà nílé. Gbogbo pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà kí wọ́n tó jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àlọ àti àbọ̀ ju kìlómítà 10,000 lọ, nǹkan sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí. Àwọn ìkànnì náà á máa rò pé Nàìjíríà ló wà.

SGW tún ní iṣẹ́ kan tí kì í hàn. Tí fóònù bá wà nínú àpò tí wọn kò lò ó, òpó á tú okùn tó so wọ́n pọ̀ kí bátìrì má bàa tán. Tí dátà bá dé fún fóònù náà, SGW á di pákẹ́ẹ̀tì náà mú, á sì ké sí MME. MME kò mọ òpó tó wà gan-an, àgbègbè tó wà ló mọ̀, nítorí náà á ní kí gbogbo òpó àgbègbè yẹn máa pe orúkọ rẹ̀. Fóònù á dáhùn, wọ́n á tún okùn so, SGW á sì tú pákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ MSC láti ìgbà tí a ti dé orí 4G. Kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ LTE yọ ọ́ kúrò pátápátá, pákẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ TeliaSonera ṣí LTE àkọ́kọ́ fún aráàlú ní Stockholm ní Swídìn àti Oslo ní Nọ́wè, lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2009, módẹ́ẹ̀mù USB ti Samsung ni wọ́n fún àwọn oníbàárà, kì í ṣe fóònù. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi pe ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń pe ìpè lásán.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá fún fóònù ni pé kí MME máa bá MSC àtijọ́ sọ̀rọ̀. Tí ìpè bá wọlé, MSC á sọ fún MME, MME á ní kí fóònù sọ̀kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó lọ gbé e. Tí ẹ bá rí i pé 4G orí fóònù yín di H tàbí E gẹ́lẹ́ tí ẹ fẹ́ pe ìpè, tó sì padà di 4G lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tí 4G bá dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, VoLTE ni ẹ ń lò: ohùn yín ti di pákẹ́ẹ̀tì, ó ń gba SGW àti PGW kọjá bíi dátà yòókù, ṣùgbọ́n PCRF ti pàṣẹ kí wọ́n fún un ní ọ̀nà ṣáájú àwọn tó kù.

Pípín náà kò dúró níbẹ̀. Nínú SGW àti PGW, iṣẹ́ àṣẹ díẹ̀ ṣì wà pọ̀ mọ́ ẹrù, 3GPP sì la àwọn náà sí méjì nínú àtẹ̀jáde kẹrìnlá, ní ọdún 2017. Nígbà tí 5G dé, gbogbo apá tó ń gbé ẹrù di UPF kan ṣoṣo. Ìdánimọ̀ àti ìtọpasẹ̀ tó wà lọ́wọ́ MME bọ́ sọ́wọ́ AMF, ètò ìsopọ̀ àti pípín àdírẹ́sì sì bọ́ sọ́wọ́ SMF.