Ibi tí ìbéèrè tẹ́ẹ̀stì àìsàn tó ń dààmú àwọn dókítà ti wá

Ẹni tó bá ti kọ́ ìṣirò iṣeéṣe díẹ̀, á ti pàdé ìbéèrè yìí níbì kan. Àìsàn kan wà tí ò wọ́pọ̀, tẹ́ẹ̀stì kan wà tó dáa, ẹnì kan ṣe é, ó jáde ní pọ́sítífù, báwo ló ṣe dájú tó pé ẹni yẹn ní àìsàn náà? Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ti pé igba ọdún ó lé dáadáa, àmọ́ ìbéèrè fúnra ẹ̀ ò tíì pẹ́ láyé, ó dẹ̀ ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò ọ̀hún la máa kọ́kọ́ sọ kíá ká lè bọ́ síbi tó dùn. Thomas Bayes, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú lọ́dún 1761, Richard Price ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá tú àwọn ìwé tó fi sílẹ̀, ó mú ọ̀kan níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kà á létí wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1763. Kò sí aláìsàn kankan nínú ìwé yẹn o, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sórí tábìlì ló ń ṣe ìṣirò ẹ̀. Laplace, onímọ̀ ìṣirò, tún wá gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà yọ ní Faransé lọ́dún 1774: o ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, o wá ń wá ohun tó fà á. Nígbà tó fi máa di 1933, Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ti tò gbogbo ẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó kọ lédè Jámánì, ìlà méjì tá a máa nílò nínú ẹ̀ nìyí:

```
P(A|B) = P(A∩B) / P(B)
P(B) = P(B|A)·P(A) + P(B|A')·P(A')
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń béèrè pé nígbà tá a ti mọ̀ pé B ṣẹlẹ̀, A ńkọ́? A∩B ni pé méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀, A' ni pé A ò ṣẹlẹ̀. Ìlà kejì ni òfin iṣeéṣe àpapọ̀, ohun tó dẹ̀ ń sọ ò le rárá: tí nǹkan bá lè gba ọ̀nà méjì ṣẹlẹ̀, ka ọ̀nà àkọ́kọ́, ka ìkejì, kó o ro wọ́n pọ̀. Ìlà kejì yìí làwọn èèyàn máa ń fò, gbogbo wàhálà ìbéèrè tẹ́ẹ̀stì ibẹ̀ ló wà.

Ó wá ku kí ẹnì kan so ìlà méjèèjì mọ́ tẹ́ẹ̀stì àìsàn. Ní nǹkan bí ìparí Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń ya ẹ́ksíréè àyà ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè rí ẹni tó ní ikọ́ ife, ìyẹn tíbì, láàárín àwọn tí ara wọn le tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Fíìmù oríṣi mẹ́rin ló wà, wọ́n fẹ́ mọ èyí tó dáa jù, ni wọ́n bá ya àwọn èèyàn tó lé ní 1,200 ní oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kó fíìmù náà fún dókítà márùn-ún pé kí wọ́n kà á. Ohun tó jáde ya gbogbo wọn lẹ́nu, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín dókítà kan sí èkejì ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíìmù kan sí èkejì lọ, kódà dókítà kan náà tó bá tún fíìmù kan náà kà á máa ń ta ko ara ẹ̀.

Jacob Yerushalmy, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba lórí ètò ìlera, ló jókòó ti wàhálà yìí, tó dẹ̀ tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1947. Ohun tó sọ ni pé kéèyàn má kàn sọ pé tẹ́ẹ̀stì kan "péye", iye méjì ni kó kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn tó ní àìsàn lóòótọ́, mélòó ni tẹ́ẹ̀stì mú? Nínú àwọn tí ò ní, mélòó ló fi sílẹ̀? Wò ó dáadáa, o máa rí i pé iṣeéṣe tó ní "tó bá jẹ́ pé" nínú ni méjèèjì, àmọ́ orí àìsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí tẹ́ẹ̀stì. Aláìsàn tó jókòó síwájú dókítà kì í béèrè báyìí, èsì tẹ́ẹ̀stì lòun mú dání, àìsàn ló ń wá. Lọ́dún 1966 ni Thomas Vecchio wá kọ̀wé lórí apá tàwọn aláìsàn yìí, ó fi hàn pé tó o bá gbé tẹ́ẹ̀stì kan náà kúrò láàárín àwọn tí àìsàn pọ̀ láàárín wọn lọ sáàárín àwọn tí ò wọ́pọ̀ láàárín wọn, èsì pọ́sítífù ẹ̀ máa dín kù ní ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkankan ò yí padà lára tẹ́ẹ̀stì náà.

A wá dé 1978, ibí gan-an ni ìbéèrè náà ti gba orúkọ. Casscells pẹ̀lú àwọn méjì míì béèrè lọ́wọ́ 60 èèyàn ní ilé ìwé ìṣègùn Hàfáàdì, akẹ́kọ̀ọ́ 20 tó wà ní ọdún ìkẹyìn, dókítà 20 tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, pẹ̀lú ọ̀gá dókítà 20. Ìbéèrè ọ̀hún ò gùn: àìsàn kan wà lára ẹnì 1 nínú 1,000, tẹ́ẹ̀stì ẹ̀ máa ń sọ pé 5% nínú àwọn tí ò ní in ní in, tó o bá rí ẹnì kan tó jáde ní pọ́sítífù, tí o ò dẹ̀ mọ nǹkan míì nípa ẹ̀, kí ni iṣeéṣe pé ó ní in lóòótọ́?

Jẹ́ ká ṣe é. Mú èèyàn 1,000. Ẹnì 1 ló ní àìsàn, 999 ò ní. Ká ní tẹ́ẹ̀stì mú ẹnì 1 yẹn, pọ́sítífù kan nìyẹn. 5% nínú 999 jẹ́ nǹkan bí 50, ìyẹn pọ́sítífù 50 míì tí ò sí àìsàn nídìí ẹ̀. Òfin iṣeéṣe àpapọ̀ ní ká ro ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ó di 51. Ẹnì 1 nínú 51, kò pé 2%. Nínú 60 èèyàn yẹn, 11 péré ló gbà á. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn, 27, dáhùn pé 95%, ìyẹn ni pé wọ́n kàn yọ 5 kúrò nínú 100. 95% náà kì í ṣe irọ́ o, ìdáhùn sí ìbéèrè míì ni, òun ni iṣeéṣe pé ẹni tí ò ní àìsàn máa jáde ní nẹ́gétífù.

Ohun kan wà nínú ìbéèrè yìí táwọn tó ń dà á kọ kì í kíyè sí. Wọ́n ò sọ iye tí tẹ́ẹ̀stì náà ń mú nínú àwọn tó ní àìsàn lóòótọ́! Nínú iye méjì tí Yerushalmy ní ká kà, ọ̀kan péré ni wọ́n fún wa, èmi ni mo dá "ká ní tẹ́ẹ̀stì mú ẹnì 1 yẹn" fi síbẹ̀ lókè. Tèèyàn bá fẹ́ le koko, á ní ìbéèrè ò pé. Àmọ́ dán an wò: tí tẹ́ẹ̀stì ò bá mú ju 80% lọ, òkè ìdá di 0.8, ìsàlẹ̀ ẹ̀ di nǹkan bí 50.8, ó ṣì wà ní nǹkan bí 1.6%. Bó ti wù kí tẹ́ẹ̀stì máa mú àwọn tó ní àìsàn tó, kò lè kọjá 2%, torí àwọn 50 tí ò ní àìsàn ló kún ìsàlẹ̀ ìdá, ẹnì 1 yẹn ò tó nǹkan níbẹ̀. Èmi ò ro pé ìbéèrè yẹn ní àbùkù, iye tí wọ́n ò sọ yẹn ló jẹ́ kó hàn pé ọ̀nà kejì ló ń darí gbogbo ẹ̀.

Lọ́dún 1982 ni David Eddy, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, mú tiẹ̀ wá, òun ló bí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé lónìí, ìyẹn jẹjẹrẹ ọmú. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ìbéèrè Eddy kì í ṣe ti àyẹ̀wò gbogboògbò rárá. Obìnrin kan ní kókó lọ́mú, dókítà ẹ̀ wò ó, ó fojú bù ú pé iṣeéṣe jẹjẹrẹ ò ju 1% lọ, àmọ́ ó ní kó lọ ya ẹ́ksíréè ọmú fún ìdánilójú, ó wá jáde ní pọ́sítífù. Ẹ́ksíréè náà ń mú 79.2% nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ó dẹ̀ ń ṣèèṣì mú 9.6% nínú àwọn tí ò ní. Nínú 10,000 obìnrin tó wà nípò tiẹ̀, 100 ló ní in, tẹ́ẹ̀stì mú nǹkan bí 79 nínú wọn, 9,900 ò ní, tẹ́ẹ̀stì mú nǹkan bí 950 nínú wọn. Pọ́sítífù jẹ́ 1,029, 79 ló jóòótọ́, ìyẹn nǹkan bí 7.7%. Eddy ní òun bi àwọn dókítà léèrè, ìwádìí tí ò le koko ló pè é, nǹkan bí 95 nínú 100 ló fojú bù ú sí 75%. Ó tún ka àwọn ìwé ìṣègùn, ó rí i pé nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde pàápàá, àwọn òǹkọ̀wé ń fi iṣeéṣe pọ́sítífù láàárín àwọn tó ní jẹjẹrẹ rọ́pò iṣeéṣe jẹjẹrẹ láàárín àwọn tó jáde ní pọ́sítífù.

Gigerenzer àti Hoffrage, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, ló gbé e sínú àyẹ̀wò gbogboògbò lọ́dún 1995, wọ́n sọ ọ́ di obìnrin ẹni ogójì ọdún tí nǹkankan ò ṣe, tó kàn wá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n yí 79.2 sí 80, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdáhùn di 7.8% nínú ọ̀pọ̀ ìwé. 1% yẹn kan náà ni lórí ìwé, àmọ́ ibi tó ti wá yàtọ̀ pátápátá. Ti Eddy, dókítà ló fojú bù ú lẹ́yìn tó fọwọ́ kan kókó, tìwọ̀nyí, iye àwọn obìnrin tó ní in láàárín gbogbo obìnrin ni. Ó ṣe pàtàkì gan-an, torí tí dókítà kan bá fọwọ́ kan kókó tó ní iṣeéṣe ẹ̀ tó 10%, tẹ́ẹ̀stì kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà á wá fún wa ní 79 nínú nǹkan bí 166, ó ti ń sún mọ́ 48%. Ẹni tó kọ́ 7.8% sórí bí ìdáhùn "ẹ́ksíréè ọmú" ò tíì mọ nǹkankan.

Ohun tí Gigerenzer àti Hoffrage fẹ́ dán wò gan-an ni bí wọ́n ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ irú àwọn ìbéèrè yìí, nǹkan bí 16% ìdáhùn ló tọ̀nà, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ bí kíka èèyàn, "10 nínú 1,000 ló ní in, 8 nínú 10 yẹn ni tẹ́ẹ̀stì mú", ó fò dé 46%. Ìdí ni pé tó o bá ń ka èèyàn, o ti ṣe òfin iṣeéṣe àpapọ̀ tán kó o tó mọ̀, kò sí ìdá tó ń béèrè pé "ìdá ta ni?", àwọn tó jáde ní pọ́sítífù wà níwájú ẹ, o kàn máa ro wọ́n pọ̀ ni.

Lọ́dún 2014, àwọn kan tún gbé ìbéèrè 1978 yẹn, láìyí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, lọ bá àwọn dókítà, àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Bọ́sítìnì. Èèyàn 61 ló dáhùn. 14 gbà á. Àwọn tó sọ pé 95% jẹ́ 27.