Àjẹsára fulú: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àjẹsára fulú ni abẹ́rẹ́ táwọn èèyàn ń gbà lọ́dọọdún kí àìsàn fulú má bàa mú wọn, tàbí kó má bàa le jù tó bá mú wọn. Fulú tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán o, fáírọ́ọ̀sì ìnfúlúẹ́ńsà ló ń fà á, ó sì máa ń kọlu èèyàn lójijì pẹ̀lú ibà, ikọ́, orí fífọ́ àti ara ríro tó lè dáni dùbúlẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń gbà á, ó tán. Ti fulú ò rí bẹ́ẹ̀, torí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í dúró sójú kan, agbára abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì máa ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan.

Ìdí tó fi ń yí padà

Ara fáírọ́ọ̀sì yìí kún fún nǹkan ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni hẹmaglutínìn, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí HA. Òun ni fáírọ́ọ̀sì fi ń lẹ̀ mọ́ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun kó tó ráyè wọlé. Tí ara bá ti mọ HA kan, á ti ní àǹtíbọ́dì, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi gbógun ti àìsàn, tó máa dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ló ń ṣàṣìṣe díẹ̀díẹ̀, àṣìṣe yìí á máa gorí ara wọn títí HA á fi yàtọ̀, àǹtíbọ́dì ọdún tó kọjá á wá máa wò ó bí àlejò. Amẹ́ríkà ti rí i lọ́dún 1947, nígbà tí àjẹsára tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣiṣẹ́ rárá sí irú fáírọ́ọ̀sì fulú tó ń jẹ́ H1N1 tó jà lọ́dún yẹn.

Irú fáírọ́ọ̀sì fulú mẹ́ta ló wà nínú abẹ́rẹ́ báyìí: H1N1, H3N2 àti B/Victoria. Ẹ̀kẹrin wà tẹ́lẹ̀, B/Yamagata, àmọ́ láti oṣù kẹta 2020 kò sẹ́ni tó tún rí i kó dáni lójú, nítorí náà Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò láti sáà 2024 sí 2025.

Bí wọ́n ṣe ń yàn án

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jọ, ní oṣù kejì fún àwọn ilẹ̀ apá àríwá ayé, ní oṣù kẹsàn-án fún apá gúúsù. Àwọn láàbù tó lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé ló ń fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà nímú àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí ibùdó ńláńlá bíi ti Lọ́ńdọ́nù, Àtìláńtà, Tókíò, Bẹijíìnì àti Mẹ́bọ̀n. Níbẹ̀, wọ́n á kó fulú ran fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹranko kékeré kan tí fulú ń ṣe bó ṣe ń ṣe èèyàn, wọ́n á gba omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá àǹtíbọ́dì tó wà níbẹ̀ mọ fáírọ́ọ̀sì tuntun. Tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, a jẹ́ pé ó ti tó kí wọ́n pààrọ̀.

Iṣẹ́ inú ẹyin

Èyí tó pọ̀ jù nínú àjẹsára fulú lágbàáyé, inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń sìn ín, ìyẹn ẹyin tí àkùkọ ti gùn, tó ti lò tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá nínú ẹ̀rọ ìpamọ. Wọ́n á fi iná tàn án wò, kí wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pupa dáadáa, tó túmọ̀ sí pé ọmọ inú rẹ̀ wà láàyè. Wọ́n á lu èèpo, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kán fáírọ́ọ̀sì sínú omi tó yí ọmọ ẹyin ká, wọ́n á wá dá a padà síbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé e sínú òtútù kí ọmọ inú rẹ̀ kú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà pọ̀ mọ́ omi, wọ́n á gé orí ẹyin, wọ́n á fa omi náà jáde. Ó tó nǹkan bí ẹyin kan fún irú fáírọ́ọ̀sì kan nínú abẹ́rẹ́ ẹnì kan, ẹ fojú inú wo iye adìẹ tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń bá èèyàn jà kì í sábà fẹ́ràn ẹyin. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì tuntun àti ògbólógbòó kan tó ń jẹ́ PR8, tí wọ́n rí ní Puẹto Ríkò lọ́dún 1934, sínú ẹyin kan náà kí jíìnì wọn lú pọ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ni jíìnì fulú, ọmọ tí wọ́n sábà ń wá ni èyí tó gbé mẹ́fà lára PR8 kó lè pọ̀ dáadáa, tó wá gbé méjì tó kù lára tuntun kí aṣọ ara rẹ̀ lè jẹ́ tuntun.

Wọ́n á fọ omi náà mọ́, wọ́n á fi kẹ́míkà bíi fọ́máldíháìdì pa fáírọ́ọ̀sì, wọ́n á fi nǹkan bí ọṣẹ tú u sí wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ gbọ́dọ̀ ní HA máíkírógíráàmù 15 fún irú kọ̀ọ̀kan, tàwọn arúgbó kan máa ń jẹ́ 60. Àǹtíbọ́dì tí wọ́n gbà lára àgùntàn ni wọ́n sábà fi ń wọn HA yìí, tí ti àgùntàn ò bá tíì ṣe tán, ilé iṣẹ́ á kàn máa dúró ni. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014

Oṣù mẹ́fà yìí gan-an ni ìṣòro. Ní oṣù kejì 2014, H3N2 tí wọ́n yàn fún apá àríwá ni A/Texas/50/2012. Ní ìparí oṣù kẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rí H3N2 mìíràn tó ti yàtọ̀, ẹyin sì ti wọ ilé iṣẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, èyí tó yàtọ̀ ti pọ̀, wọ́n sì fi A/Switzerland/9715293/2013 rọ́pò rẹ̀ nínú ti apá gúúsù, àmọ́ ti àríwá ti wà nínú ìgò. Nígbà òtútù yẹn ní Amẹ́ríkà, àjẹsára ò dáàbò bo èèyàn ju nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ yíyàn nìkan kọ́ o. Nígbà míì wọ́n á yan èyí tó tọ́, àmọ́ kó tó lè gbé inú ẹyin dáadáa, HA rẹ̀ á yí díẹ̀, ohun tó jáde ò ní jọ èyí tó wà níta mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí H3N2 inú àjẹsára ní sáà 2016 sí 2017. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá dípò ẹyin, táwọn míì ò sì lo fáírọ́ọ̀sì fulú rárá, sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe HA nìkan.

Ohun tó ń dènà àti ohun tí kò lè dènà

Tí èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ bá jọ èyí tó ń jà níta, ó máa ń dín ewu pé fulú á gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ò gbà á ni fulú máa mú, tó bá jẹ́ 40 ni agbára rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́fà ló máa mú nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣiṣẹ́ pátápátá fún 40 kó má ṣe nǹkan kan fún 60. Àwọn tí fulú tún mú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tiwọn sábà máa ń rọ̀ ju tàwọn tí ò gbà á lọ, wọn kì í sì í sábà dé ọsibítù tó bẹ́ẹ̀.

Kì í dènà ọ̀fìnkìn, kòfíìdì tàbí fulú adìẹ H5N1, irú èyí tó wọ oko adìẹ ní Nàìjíríà lọ́dún 2006. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àǹtíbọ́dì tó gbéra, ẹni tó bá kó fulú láàárín ìyẹn lè rò pé abẹ́rẹ́ ló fún òun, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ ti kú. Apá dídùn àti ibà díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń fín símú yàtọ̀, fáírọ́ọ̀sì inú tiẹ̀ wà láàyè, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára, kò lè pọ̀ dáadáa níbi tó bá gbóná bí ẹ̀dọ̀fóró, inú imú tó tutù ni agbára rẹ̀ mọ. Òun ni wọ́n sábà ń fún àwọn ọmọ iléèwé ní Bìrìtìkó. Jẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà òbí Mùsùlùmí tí kò bá fẹ́ ẹ lè ní kí wọ́n fún ọmọ òun ní ti abẹ́rẹ́.