Ikuwéṣọ̀n ìlà tó gba pọ́ìǹtì méjì kọjá, àti ti ìlà tó gé e sí méjì lọ́gbọọgba

Kóódínéètì jiọ́mẹ́tìrì ni apá ìṣirò tí wọ́n ti máa ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí nǹkan wà lórí gíráàfù, tí wọ́n á sì fi ikuwéṣọ̀n sọ bí ìlà ṣe gba ibẹ̀ kọjá. René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ọ̀nà yìí jáde nínú ìwé kan ní 1637, Pierre de Fermat tóun náà jẹ́ ará Faransé sì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lásìkò kan náà. Ní Nàìjíríà, sẹ́kọ́ńdìrì ni àwọn ọmọ ti ń bá a pàdé, ìbéèrè kan tó sì máa ń jáde lórí ẹ̀ náà ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní pọ́ìǹtì méjì, A àti B, kó wá ikuwéṣọ̀n ìlà tó so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà kó wá ti ìlà kejì tó gé AB sí méjì lọ́gbọọgba tó sì dábùú ẹ̀ ní digíríì 90. Pẹpẹndíkúlà báísẹ́tọ̀ ni wọ́n ń pe ìlà kejì yìí ní kíláàsì, a ó kàn máa pè é ní agéméjì níbí.

Ibi tó dáa jù kí tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ́ńpáàsì, kì í ṣe fọ́múlà, torí àwọn ọmọ ti fi kọ́ńpáàsì ya agéméjì rí kí wọ́n tó dé ibí. Wọ́n á fi ẹnu kọ́ńpáàsì gún A, wọ́n á là á kó ju ìdajì AB lọ, wọ́n á ya ìlà kọdọrọ lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní B láìyí bí wọ́n ṣe là á padà, wọ́n á wá fi rúlà so ibi méjì tí àwọn ìlà kọdọrọ yẹn ti pàdé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́, ìdí náà ò sì ju pé gbogbo pọ́ìǹtì tó wà lórí agéméjì ló jìnnà sí A bó ṣe jìnnà sí B gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá di gbólóhùn yìí mú ṣinṣin ti ní ohun tó lè fi yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò títí ìṣirò náà á fi parí.

Gírédíẹ́ǹtì àti ìlà àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká mú A ní (-2, 5) àti B ní (4, 1). Kí ọmọ tó kọ fọ́múlà kankan, kó kọ́kọ́ rìn láti A dé B lórí gíráàfù: x kúrò ní -2 ó dé 4, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sápá ọ̀tún nìyẹn, y kúrò ní 5 ó dé 1, ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sísàlẹ̀. Gírédíẹ́ǹtì ni iye tí a gòkè tàbí tí a sọ̀ kalẹ̀ pín sí iye tí a lọ sápá ọ̀tún, torí náà -4 lórí 6, ìyẹn -2/3. Máínọ́ọ̀sì yẹn kàn ń sọ pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí a ṣe ń lọ sápá ọ̀tún ni. Fọ́múlà tó wà nínú ìwé ò sọ ju ìrìn yìí lọ:

m = (y2 - y1)/(x2 - x1) = (1 - 5)/(4 - (-2)) = -4/6 = -2/3

Ibi méjì ni wọ́n ti máa ń ṣubú níbí. Àkọ́kọ́ ni 4 - (-2), tí ọ̀pọ̀ á kọ 4 - 2 kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n á wá ní 2 dípò 6, wọ́n á sì gba -2 ní gírédíẹ́ǹtì. Ìkejì ni kí ọmọ yọ A kúrò lára B lókè kó wá yọ B kúrò lára A nísàlẹ̀, nọ́ńbà á jáde dáadáa àmọ́ àmì ẹ̀ á yí padà, ìlà tó ń sọ̀ á wá di ìlà tó ń gòkè. Ẹni tó ti rìn ín lórí gíráàfù kọ́kọ́ á rí àṣìṣe méjèèjì lójú ẹsẹ̀, ìdí tí ìrìn yẹn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú fọ́múlà nìyẹn.

Tí gírédíẹ́ǹtì bá ti wà, pọ́ìǹtì kan péré ló kù, A tàbí B, èyí tó bá wù wá, ìkan náà ni wọ́n á já sí. Ká lo A:

y - 5 = -2/3 (x + 2)
3y - 15 = -2x - 4
2x + 3y = 11

Kí ọmọ má ṣì sáré kúrò níbẹ̀ o. A ni a fi ṣe ìṣirò yìí, torí náà B ni ká fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fi 4 sí ipò x, fi 1 sí ipò y: 8 + 3 = 11, ó bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ A nìkan ni ọmọ fi yẹ̀ ẹ́ wò, gírédíẹ́ǹtì lè má dáa kó má mọ̀, torí ìlà yòówù tó bá gba A kọjá ni A á bá mu.

Agéméjì

Nǹkan méjì la nílò: ibi tó ti gé AB, àti bó ṣe dagun. Ibi tó ti gé e ni ààrin gbùngbùn AB, x ibẹ̀ wà láàárín -2 àti 4, y ẹ̀ wà láàárín 5 àti 1. A ó ro méjèèjì pọ̀ a ó pín in sí méjì: (-2 + 4)/2 = 1, (5 + 1)/2 = 3. Ààrin wà ní (1, 3). Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí gírédíẹ́ǹtì máa ń bá yíyọ lọ níbí, wọ́n á ní (4 + 2)/2 = 3, ìyẹn sì jẹ́ ìdajì ìrìn, kì í ṣe ibi tí ààrin wà. Wọ́n lè mọ̀ tí wọ́n bá wo gíráàfù.

Bó ṣe dagun ló gba àlàyé jù, torí níbí ni wọ́n ti máa ń sọ fún ọmọ pé kó dojú gírédíẹ́ǹtì délẹ̀ kó yí àmì ẹ̀ padà, láìsọ ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ rèé. Mú ìrìn AB, mẹ́fà sọ́tùn-ún àti mẹ́rin sísàlẹ̀, kí o wá yí bébà náà ní digíríì 90 sí òdìkejì ọwọ́ aago. Ohun tó kọjú sọ́tùn-ún tẹ́lẹ̀ á wá kọjú sókè, ohun tó kọjú sísàlẹ̀ á wá kọjú sọ́tùn-ún. Ìrìn náà ti di mẹ́rin sọ́tùn-ún àti mẹ́fà sókè, gírédíẹ́ǹtì ẹ̀ sì jẹ́ 6/4, ìyẹn 3/2. Nọ́ńbà tó wà lókè àti tó wà nísàlẹ̀ ti pààrọ̀ ipò torí a yí i, àmì náà sì yí padà torí ìlà tó ń sọ̀ ti di èyí tó ń gòkè. Tí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, -2/3 × 3/2, -1 la ó rí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí fún ìlà méjì tó bá dábùú ara wọn ní digíríì 90, àyàfi tí ìkan bá dúró ṣánṣán. Ọmọ tó bá yí bébà yẹn lọ́wọ́ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà kọ 2/3 mọ́, àṣìṣe ẹni tó yí àmì padà tó gbàgbé láti dojú ẹ̀ délẹ̀ nìyẹn.

Ó kù ká so wọ́n pọ̀, pọ́ìǹtì tí a ó lò ni ààrin, (1, 3), kì í ṣe A kì í ṣe B:

y - 3 = 3/2 (x - 1)
2y - 6 = 3x - 3
3x - 2y + 3 = 0

Kí a wá padà sí ohun tí kọ́ńpáàsì kọ́ wa. Mú pọ́ìǹtì kan lórí ìlà yìí tí kì í ṣe ààrin, bíi (3, 6), torí 9 - 12 + 3 = 0. Láti ibẹ̀ dé A, ìṣísẹ̀ márùn-ún sósì àti ìkan sísàlẹ̀, 25 + 1 = 26. Láti ibẹ̀ dé B, ìkan sọ́tùn-ún àti márùn-ún sísàlẹ̀, 1 + 25 = 26. Ọgbọọgba ni, √26 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó fi A ṣe ìṣirò dípò ààrin á ní gírédíẹ́ǹtì tó dáa àmọ́ ìdánwò yìí á tú u fó.

Nǹkan kan wà tó máa ń da ọmọ tó ṣe é dáadáa láàmú: ìwọ̀n gíráàfù. Tí wọ́n bá ní kó lo sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ 1 lórí x, kó sì lo sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ 5 lórí y, ìlà méjèèjì ò ní dà bíi pé wọ́n wà ní digíríì 90 lójú rárá, á wá máa rò pé òun ti ṣe é kù, á sì pa ìdáhùn tó dáa rẹ́. Ìwọ̀n kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí x àti y kí igun tó jáde bó ṣe rí gan-an.

Níbi tí gírédíẹ́ǹtì ò sí

Tí A bá jẹ́ (3, 1) tí B sì jẹ́ (3, 7), ìrìn sọ́tùn-ún jẹ́ òdo, kò sì sí bí a ṣe lè fi òdo pín 6. Ìlà náà dúró ṣánṣán, ikuwéṣọ̀n ẹ̀ ni x = 3, agéméjì ẹ̀ sì sùn gbalaja ní y = 4. Kò sí fọ́múlà gírédíẹ́ǹtì tó máa sọ èyí fún ọmọ, àwòrán ló máa sọ ọ́.

Ọ̀nà kan wà tí kì í fún irú èyí ní wàhálà, torí kò lo gírédíẹ́ǹtì rárá: kọ ọ́ sílẹ̀ pé pọ́ìǹtì (x, y) jìnnà sí A bó ṣe jìnnà sí B. Fún A àti B wa ti àkọ́kọ́:

(x + 2)² + (y - 5)² = (x - 4)² + (y - 1)²
x² + 4x + 4 + y² - 10y + 25 = x² - 8x + 16 + y² - 2y + 1
12x - 8y + 12 = 0

Fi 4 pín in, 3x - 2y + 3 = 0 ló tún jáde. x² àti y² ti pa ara wọn rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi jẹ́ ìlà tó tọ́ gbọnrangandan. Ọ̀nà yìí gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí tíṣà fi han àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, torí ó so kọ́ńpáàsì mọ́ áljẹ́bírà tààrà.

Pọ́ìǹtì kẹta

Tí wọ́n bá fi C (8, 5) kún un tí wọ́n ní ká wá ààrin róbótó tó gba A, B àti C kọjá, agéméjì méjì ló máa ṣiṣẹ́ náà. Ti AB ti wà nílẹ̀. Ti BC: ààrin ẹ̀ ni (6, 3), gírédíẹ́ǹtì BC jẹ́ 1, ti agéméjì ẹ̀ á jẹ́ -1, ikuwéṣọ̀n ẹ̀ á sì jẹ́ x + y = 9. Fi 9 - x sí ipò y nínú 3x - 2y + 3 = 0, 5x = 15 ló máa dà, x jẹ́ 3, y jẹ́ 6. Ibi yẹn jìnnà sí A bó ṣe jìnnà sí B, ó sì jìnnà sí B bó ṣe jìnnà sí C, torí náà òun ni ààrin róbótó.

Àmọ́ tí C bá jẹ́ (7, -1), ìṣirò náà á kọ̀ jálẹ̀. 14 - 3 = 11, C ti bọ́ sórí ìlà AB gan-an, agéméjì BC á wá jẹ́ 3x - 2y = 16.5 nígbà tí ti AB jẹ́ 3x - 2y = -3. Ìlà méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní pàdé láé, kò sì sí róbótó kankan tó lè gba pọ́ìǹtì mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan ṣoṣo kọjá.