Àtúnṣe àròkọ kékeré ní èdè Póláńdì: kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú àmì

Àròkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Póláńdì sábà máa ń rí báyìí:

```
Mieszkam w małym miescie. W sobote pomagam siostre.
Potem plywamy w rzekie.
```

Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ìlú kékeré lòun ń gbé, pé lọ́jọ́ Sátidé òun máa ń ran arábìnrin òun lọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbájú mọ́ àmì orí lẹ́tà níbẹ̀ á ṣi iṣẹ́ ṣe, torí kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú ìparí ọ̀rọ̀ ló ń fi hàn bóyá àmì yẹ níbẹ̀.

Ẹ wo "siostre". Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni "siostra". Ó lè di "siostrę", ó sì lè di "siostrze", ṣùgbọ́n "siostre" kò sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yan èyí tó yẹ: "widzę" (mo rí) ń fẹ́ "siostrę", "pomagam" (mo ń ràn lọ́wọ́) ń fẹ́ "siostrze". Nítorí náà, ẹni tó kàn fi ìrù sábẹ́ "e" ti tún un ṣe sí àṣìṣe mìíràn.

Òfin tó wà níbẹ̀ rọrùn. Nínú ọ̀rọ̀ abo tó parí sí kọ́ńsónáǹtì líle àti "a", bí ìparí bá jẹ́ "ę", kọ́ńsónáǹtì kì í yí padà. Bí ó bá jẹ́ "e", ó gbọ́dọ̀ yí: "r" á di "rz", "k" á di "c", "g" á di "dz", "t" á di "ci". Bí "rzeka" ṣe ń di "rzece" lẹ́yìn "w" nìyẹn, tí "rzekie" fi ṣubú. "Sobote" kò ní ìyípadà kankan, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló sì ń sọ, nítorí náà "sobotę" ni. Ọ̀rọ̀ bíi "ziemia" kò sí lábẹ́ òfin yìí: "ziemię" ló ń dà, tàbí "ziemi".

Etí kò lè ranni lọ́wọ́ níbí, torí "ę" tó bá parí ọ̀rọ̀ sábà máa ń dún bí "e" lásán.

Ó wá kan "miescie". "Miasto" ń di "mieście": "st" rọ̀ di "ści", "a" náà sì di "e". "Ś" gba àmì torí kọ́ńsónáǹtì ló tẹ̀ lé e. "C" kò gbà á torí "i" tó wà níwájú fáwẹ́lì ti ṣe iṣẹ́ àmì náà. "Mieśćie" kò tọ̀nà rárá. (Kí Yorùbá má sì fi ohùn òkè ka àmì yẹn o, kò kan ohùn.)

"Plywamy" kò kan ìyípadà rárá: "pływamy" ni, láti ìpilẹ̀. Lórí àtẹ bọ́tìnì Póláńdì tó wọ́pọ̀, Alt ọ̀tún pẹ̀lú "l" ló ń gbé "ł" jáde. "Ź" nìkan ló ṣàjèjì, Alt pẹ̀lú "x", torí "ż" ti gba "z".