Kíka àyẹ̀wò gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ láti orí pH

Àyẹ̀wò gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ ni wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń lé kábọ́nì dáyọ́ksáìdì jáde sí, àti bí ọ́síjìn ṣe ń wọ ara tó. Iṣan àlọ ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Ọrùn ọwọ́, níbi tí ọwọ́ ti máa ń gbọ́ lílù rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gún, sírínjì tí hẹ́párìn wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Nọ́ńbà tó máa ń wà lórí ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló ń sọ bọ́rọ̀ ásíìdì ṣe jẹ́: pH, PaCO2 àti HCO3.

pH ni a kọ́kọ́ ń wò. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ó máa ń wà láàárín 7.35 sí 7.45. Bó bá wálẹ̀ ju 7.35 lọ, ásíìdì ti pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní ásídósísì. Bó bá kọjá 7.45, ásíìdì ti dín jù, ìyẹn alikalósísì. Sørensen, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Dẹ́ńmákì, ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ ní ọdún 1909, ọ̀nà tó sì gbà ṣe é máa ń jẹ́ kí ewu ńlá fara pa mọ́ sínú nọ́ńbà kékeré. Ní pH 7.40, ìwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 40 nmol/L. Ní 7.10, ó ti di nǹkan bíi 80. Ìlọ́po méjì nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá ẹni tó fà á. PaCO2, ìyẹn ìwọ̀n kábọ́nì dáyọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀, ló ń ṣojú ẹ̀dọ̀fóró, 35 sí 45 mmHg ni tirẹ̀. Kábọ́nì dáyọ́ksáìdì máa ń di ásíìdì nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bó bá pọ̀, pH á wálẹ̀. Bí a bá mí i jáde púpọ̀, pH á gòkè. (Kilopáskà, kPa, ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà mmHg ni. kPa kan jẹ́ 7.5 mmHg, kí ẹni tó kàwé níbì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíì tètè wo ìwọ̀n tó wà lójú ẹ̀rọ.) HCO3, ìyẹn baikabónéètì, ló ń ṣojú kíndìnrín àti ìyókù ara. 22 sí 26 mmol/L ni tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa ásíìdì. Bó bá dín, pH á wálẹ̀.

Nínú àwọn méjèèjì, èyí tó lè ṣàlàyé ibi tí pH lọ ni orísun àìsàn. Èkejì kàn ń gbìyànjú láti dá pH padà ni. Ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kíndìnrín máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kò sì sí èyí tó máa ń ṣe é débi tí pH á fi kọjá sí òdìkejì.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin alátọ̀gbẹ kan kò gún ínsúlínì fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń bì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń mí kíkankíkan, èémí rẹ̀ sì jinlẹ̀. Súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 mmol/L. Ẹ̀rọ gbé èyí jáde: pH 7.22, PaCO2 20, HCO3 8.

pH 7.22 sọ pé ásídósísì ni. PaCO2 20 kéré, bẹ́ẹ̀ PaCO2 tó kéré ń gbé pH sókè ni. Kò lè jẹ́ òun ló fà á. HCO3 8 ló bá pH mu. A jẹ́ pé ibòmíì yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró ni ásíìdì ti wá, mímí kíkankíkan yẹn sì ni ẹ̀dọ̀fóró fi ń gbà á là. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí PaCO2 lè rò pé ẹ̀rù ló ń ba aláìsàn, kó máa ní kó fara balẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ mímí yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí pH tún wálẹ̀ sí i.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe tó. Albert, Dell àti Winters gbé ìṣirò kan jáde ní 1967 tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní:

```
PaCO2 tó yẹ = (1.5 × HCO3) + 8, ± 2
```

Fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, 1.5 lọ́nà 8 jẹ́ 12. Bí a bá fi 8 kún un, ó di 20. Ohun tó yẹ kó wà láàárín 18 sí 22 nìyẹn, 20 ló sì wà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ká ní wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní wákàtí díẹ̀ sí i, HCO3 ṣì jẹ́ 8, PaCO2 ti di 30, pH sì ti di 7.05. Ẹ̀rọ á ṣì fi àmì sí 30 pé ó kéré, nítorí pé kò tó 35. Ṣùgbọ́n 20 ló yẹ kó jẹ́ fún aláìsàn yìí, nítorí náà 30 ti pọ̀ jù. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́, mímí rẹ̀ ò ká a mọ́, ìṣòro sì ti di méjì. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ kíkà yìí dúró jù lọ nìyí: ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílò dókítà àgbà lójú ẹsẹ̀.

Láti mọ irú ásíìdì tó jẹ́, a ó yọ kíláráìdì àti HCO3 kúrò lára sódíọ̀mù. Bí sódíọ̀mù rẹ̀ bá jẹ́ 134, tí kíláráìdì jẹ́ 98, ìyókù jẹ́ 28. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, 8 sí 12 ló yẹ kó ṣẹ́ kù. Ásíìdì kan tí ẹ̀rọ ò kà ló gba àyè tó lé yẹn, kítónù sì ni lára alátọ̀gbẹ yìí. Lára ẹlòmíì, ó lè jẹ́ ti àìtó ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara, ti kíndìnrín tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ti ọtí ayédèrú tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù. Bí ìyókù ò bá pọ̀ tí HCO3 sì kéré, ìgbẹ́ gbuuru ni ká kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí oúnjẹ aṣaralóore ò tó lára rẹ̀ lè tan wá jẹ: bí albúmìn, pùrótéènì kan inú ẹ̀jẹ̀, bá fi 10 g/L dín sí 40, ó máa ń fi nǹkan bíi 2.5 bo ìyókù yìí mọ́lẹ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló fà á

PaCO2 60 lè wà lára ẹni méjì, kí ọ̀rọ̀ wọn má sì jọra rárá. Ẹni tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.26, tí HCO3 rẹ̀ jẹ́ 26, òjijì ló bá a. Kíndìnrín kò tíì ráyè ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ti ń mu sìgá láti ọdún pípẹ́, tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.35 tí HCO3 sì jẹ́ 32, ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́; kíndìnrín rẹ̀ ti fi nǹkan bíi 4 kún HCO3 fún gbogbo 10 tí PaCO2 fi gòkè.

Bí àṣìṣe bá wà nínú èsì

HCO3 tó wà lórí ìwé kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Láti ara pH àti PaCO2 ló ti ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára wọn mu: 24 lọ́nà PaCO2, tí a pín sí HCO3, máa ń fún wa ní ìwọ̀n ásíìdì. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nígbà àkọ́kọ́, ó jẹ́ 60 nmol/L, pH 7.22 gẹ́lẹ́ sì nìyẹn. Bí wọn ò bá bára mu, ẹnì kan ti ṣi nọ́ńbà kọ.

Àṣìṣe tí ìṣirò yìí ò lè mú ni ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti iṣan àbọ̀ dípò iṣan àlọ. Ọ́síjìn rẹ̀ máa ń kéré gan-an, PaCO2 á sì fi díẹ̀ ga. Bí PaO2, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bá jẹ́ 40 tí ẹni náà sì ń sọ̀rọ̀ láìsí ìnira, tí ẹ̀rọ tó wà ní ìka rẹ̀ ń fi 97% hàn, wọ́n ní láti tún ẹ̀jẹ̀ fà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú sírínjì náà máa ń yí èsì padà: ó máa ń fa PaCO2 wálẹ̀, ó sì máa ń gbé PaO2 ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde kí wọ́n tó dé e, kí wọ́n sì gbé e dé ìdí ẹ̀rọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.